Ta Ni Kí A Dá A Padà Fún? Ẹjọ́ Àwọn Ìṣúra Àgbómẹ̀ àti Ohun Tí Ó Kan Àwa Nàgó Nínú Rẹ̀

Ní ọjọ́ kẹwàá oṣù Kọkànlá ọdún 2021, ọkọ̀ òfuurufú kan tí ó gbéra láti ilẹ̀ Faransé balẹ̀ sí Kútọnù. Àwọn àpótí ńláńlá ni ó kó wá, ohun ìṣúra 26 ni ó sì wà nínú wọn: ère àwọn ọba, ìtẹ́ àti ìjókòó wọn, ilẹ̀kùn ààfin tí a gbẹ́, ọ̀pá àṣẹ, aṣọ ọmọ ogun, àti àwọn ohun èlò mìíràn tí àwọn ọmọ ogun Faransé kó ní Àgbómẹ̀ nígbà tí wọ́n ṣẹ́gun Dàhómì. Àwọn ènìyàn tò sí ẹ̀bá ọ̀nà láti wo àwọn ọkọ̀ akẹ́rù tí ń gbé wọn lọ sí ààfin Ààrẹ. Ọ̀pọ̀ ni ó sunkún ayọ̀.

Ẹni tí ó bá jẹ́ ọmọ Manígirì tàbí ọmọ Bàsílà ní ìdí láti bá wọn yọ̀, nítorí pé orílẹ̀-èdè kan náà ni gbogbo wa. Ṣùgbọ́n ó tún ní ìdí láti béèrè ọ̀rọ̀ kan tí àwọn ìwé ìròyìn kò fi bẹ́ẹ̀ béèrè. Àwọn ọba tí ère wọn padà wá yìí ni wọ́n ń jagun kó ẹrú ní ilẹ̀ Nàgó. Dàhómì ni ó gbógun ti Abẹ́òkúta ní ọdún 1851 àti 1864, Dàhómì ni ó sì pa Kétu run ní ọdún 1886 tí ó kó àwọn ará ibẹ̀ lọ. Nígbà tí a bá sọ pé kí a dá ohun tí a jí padà fún ẹni tí ó ni ín, ta ni ẹni náà? Ṣé ìdílé ọba ni, ṣé ìjọba Kútọnù ni, àbí àwọn tí a fi òógùn wọn ṣe ọrọ̀ ààfin náà wà nínú rẹ̀?

Àwọn àgbà ní agbọ́-ẹjọ́-ẹnìkan-dá, àgbà òṣìkà ni. Nítorí náà, nínú àpilẹ̀kọ yìí, n ó kọ́kọ́ sọ bí àwọn ohun náà ṣe lọ àti bí wọ́n ṣe padà, n ó gbọ́ ẹjọ́ àwọn ilé ìṣẹ̀ǹbáyé, n ó gbọ́ ti àwọn ọmọ onílẹ̀, kí n tó padà sórí ìbéèrè tí ó kàn wá jù.

Bí wọ́n ṣe lọ

Ogun kejì láàárín Faransé àti Dàhómì bẹ̀rẹ̀ ní ọdún 1892. Alfred Dodds ni ó ṣáájú àwọn ọmọ ogun Faransé, ọmọ tí a bí ní Sẹ̀n-Lúì ní ilẹ̀ Sẹ̀nẹ̀gàl ni, ẹ̀jẹ̀ Áfíríkà sì wà lára rẹ̀. Ní ọjọ́ kẹtàdínlógún oṣù Kọkànlá ọdún náà, ó wọ Àgbómẹ̀. Ọba Gbẹ̀hánzìn ti jáde kúrò nínú ìlú, ó sì ti ní kí a ti iná bọ ààfin kí ó má baà bọ́ sí ọwọ́ ọ̀tá. Ohun tí iná kò jó ni àwọn ọmọ ogun rí kó. Ọba fúnra rẹ̀ fi ara rẹ̀ hàn ní oṣù Kìn-ín-ní ọdún 1894, wọ́n gbé e lọ sí erékùṣù Màtìníìkì, ó sì kú sí Alijẹ́ẹ̀sì ní ọdún 1906.

Dodds kò tà àwọn ohun tí ó kó. Ó fi wọ́n ta Ilé Ìṣẹ̀ǹbáyé Trocadéro ní Párísì lọ́rẹ, apá kan ní ọdún 1893, apá kan ní ọdún 1895. Nígbà tí ó di àwọn ọdún 1930, Ilé Ìṣẹ̀ǹbáyé Ènìyàn, tí a ń pè ní Musée de l'Homme, rọ́pò Trocadéro. Láti ibẹ̀ ni wọ́n ti kó wọn lọ sí Ilé Ìṣẹ̀ǹbáyé Quai Branly tí a ṣí ní ọdún 2006.

Kí akẹ́kọ̀ọ́ tí ó ń ka èyí dúró díẹ̀ níbí, nítorí pé ìrìn àwọn ohun náà hàn kedere lára nọ́ńbà tí wọ́n kọ sí wọn. Nọ́ńbà ère Ọba Gẹ̀zò ni 71.1893.45.1. Nọ́ńbà 71 tí ó ṣáájú sọ fún wa pé láti ọwọ́ Musée de l'Homme ni ohun náà ti dé Quai Branly. 1893 ni ọdún tí ó wọ inú ìwé ìforúkọsílẹ̀. 45 ni ẹrù tí ó bá wọlé, ìyẹn ni ẹ̀bùn Dodds. 1 sì ni ipò rẹ̀ nínú ẹrù náà. Ère Glẹ̀lẹ̀ ni 2, ti Gbẹ̀hánzìn ni 3. Ẹni tí ó bá mọ nọ́ńbà yìí kà lè mọ irú ọdún tí ohun kan kúrò ní ilé àti ẹni tí ó kó o lọ, kí ó sì fi ọdún náà wé ọdún ogun. Bí ọdún méjèèjì bá pàdé, tí orúkọ ológun sì wà níbẹ̀, ẹjọ́ ti fẹ́rẹ̀ẹ́ parí. Bí ó bá jẹ́ orúkọ oníṣòwò tàbí ajíhìnrere ni ó wà níbẹ̀, iṣẹ́ ṣì kù láti ṣe: a ní láti wádìí bóyá wọ́n rà á, bóyá wọ́n tọrọ rẹ̀, tàbí bóyá ìbẹ̀rù ni ó mú kí onílé yọ̀ǹda rẹ̀.

Bí wọ́n ṣe padà

Ní ọdún 2016, ìjọba orílẹ̀-èdè Bẹ̀nẹ̀ lábẹ́ Ààrẹ Patrice Talon kọ̀wé sí Faransé pé kí wọ́n dá àwọn ìṣúra náà padà. Ní oṣù Kejìlá ọdún yẹn ni èsì dé, èsì náà sì le: òfin kò gbà á. Ní ilẹ̀ Faransé, ohun tí ó bá ti wọ inú àkójọ ìjọba ti di ohun ìní gbogbo ará ìlú títí láé. A kò lè tà á, a kò lè fi tọrẹ, ilé ẹjọ́ kò sì lè gbà á. Àní bí mínísítà bá fẹ́ dá a padà, kò ní agbára láti ṣe é.

Ọ̀rọ̀ náà yí padà ní ọjọ́ kejìdínlọ́gbọ̀n oṣù Kọkànlá ọdún 2017, nígbà tí Ààrẹ Emmanuel Macron sọ fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́ yunifásítì ní Wagadúgù pé òun fẹ́ kí ọ̀nà là láàárín ọdún márùn-ún fún àwọn ohun ìṣẹ̀ǹbáyé Áfíríkà láti padà, yálà fún ìgbà díẹ̀ tàbí títí láé. Ó gbé iṣẹ́ ìwádìí lé onímọ̀ ọrọ̀ ajé Felwine Sarr ará Sẹ̀nẹ̀gàl àti onímọ̀ ìtàn iṣẹ́ ọnà Bénédicte Savoy ará Faransé lọ́wọ́. Ìjábọ̀ wọn jáde ní oṣù Kọkànlá ọdún 2018. Wọ́n kà á pé nǹkan bí 90,000 ohun láti gúúsù Sàhárà ni ó wà lọ́wọ́ ìjọba Faransé, pé 70,000 nínú wọn wà ní Quai Branly nìkan, àti pé ohun tí ó ti Bẹ̀nẹ̀ wá nínú wọn ju 3,000 lọ.

Nítorí pé òfin ni ó dí ọ̀nà, òfin nìkan ni ó lè ṣí i. Wọ́n gbé ìwé òfin kúkúrú kan lọ sí iwájú àwọn aṣòfin, tí ó yọ àwọn ohun tí a dárúkọ lọ́kọ̀ọ̀kan kúrò nínú àkójọ ìjọba: 26 fún Bẹ̀nẹ̀, àti idà kan tí a ń so mọ́ orúkọ Èlì-Háàjì Úmárù Táàlì fún Sẹ̀nẹ̀gàl. Àríyànjiyàn kan tí ó wáyé láàárín àwọn aṣòfin yẹ kí àwa tí a ń kọ èdè méjì nínú ìwé ìròyìn yìí kíyè sí. Àwọn sẹ́nétọ̀ kò fẹ́ kí a pè é ní dídá-padà. Wọ́n fẹ́ kí a pè é ní ìpadàbọ̀. Ìyàtọ̀ wà níbẹ̀. Ẹni tí ó bá dá nǹkan padà ti gbà pé ohun ẹlòmíràn ni ó wà lọ́wọ́ òun. Ẹni tí ó bá kàn ní kí nǹkan padà sílé kò tíì gbà pé òun ṣẹ̀. Ní ìkẹyìn, ọ̀rọ̀ dídá-padà ni ó borí, òfin náà sì jáde ní ọjọ́ kẹrìnlélógún oṣù Kejìlá ọdún 2020. Wọ́n fọwọ́ sí ìwé ìfilénilọ́wọ́ ní Párísì ní ọjọ́ kẹsàn-án oṣù Kọkànlá ọdún 2021, ẹrù sì dé ní ọjọ́ kejì.

Ẹ ó ṣàkíyèsí pé òfin yìí kò ṣí ilẹ̀kùn sílẹ̀. Ó ṣí i fún àwọn tí a dárúkọ, ó sì tún tì í. Nígbà tí Kòdìfúà fẹ́ gba ìlù ńlá rẹ̀ tí a ń pè ní Djidji Ayôkwé padà, òfin mìíràn ni àwọn aṣòfin Faransé tún ní láti ṣe ní ọdún 2025.

Ẹjọ́ àwọn ilé ìṣẹ̀ǹbáyé

Ohun kìn-ín-ní tí àwọn olùtọ́jú ilé ìṣẹ̀ǹbáyé ń sọ ni ọ̀rọ̀ ààbò. Wọ́n ní ohun tí a fi igi, awọ àti aṣọ ṣe kì í pẹ́ kí ikán, ọ̀rinrin tàbí iná tó bà á jẹ́, pé wọ́n ti tọ́jú àwọn ohun náà fún ọdún tí ó ju ọgọ́rùn-ún lọ, àti pé a kò mọ̀ bóyá ẹni tí ń gbà wọ́n lè ṣe bẹ́ẹ̀. Kí a má tan ara wa: ọ̀rọ̀ náà ní ìdí. Àwọn ààfin Àgbómẹ̀ wọ inú ìwé ohun àjogúnbá àgbáyé ti Yunẹ́síkò ní ọdún 1985, ṣùgbọ́n ní ọdún kan náà ni wọ́n wọ inú ìwé àwọn tí ó wà nínú ewu, wọn kò sì jáde kúrò níbẹ̀ títí di ọdún 2007. Ní oṣù Kìn-ín-ní ọdún 2009, iná tún jó díẹ̀ nínú àwọn ilé náà.

Ṣùgbọ́n ewu kò mọ ẹnìkan lójú. Ìtẹ́ Dàhómì kan wà tí Ọba Adandozan fi ránṣẹ́ sí ọmọ ọba Potogí ní ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rúndún kọkàndínlógún. Ẹ̀bùn ni, kì í ṣe ìkógun, ó sì wà ní Ilé Ìṣẹ̀ǹbáyé Orílẹ̀-èdè ní Río de Janéírò fún igba ọdún. Ní òru ọjọ́ kejì oṣù Kẹsàn-án ọdún 2018, iná jó ilé náà, ìtẹ́ yẹn sì bá a lọ. Ní ọdún 2023, Ilé Ìṣẹ̀ǹbáyé Bìrìtìkó ní Lọ́ńdọ̀nù jẹ́wọ́ pé nǹkan bí 2,000 ohun ni a ti jí, tí ó sọnù tàbí tí ó bàjẹ́ nínú ilé ìpamọ́ òun. Ààbò jẹ́ ohun tí a lè béèrè lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni, kì í ṣe ohun tí a fi ń mọ ẹni tí ó ni nǹkan. Bí ilé aládùúgbò mi bá lágbára ju tèmi lọ, kò sọ ẹrù mi di tirẹ̀.

Ohun kejì tí wọ́n ń sọ wúwo ju ti àkọ́kọ́ lọ. Ní oṣù Kejìlá ọdún 2002, àwọn ilé ìṣẹ̀ǹbáyé ńlá 18 ti Yúróòpù àti Amẹ́ríkà fọwọ́ sí ìwé kan pé ilé fún gbogbo ayé ni àwọn. Wọ́n ní ibẹ̀ ni ènìyàn ti lè rí iṣẹ́ ọnà Íjíbítì, ti Gíríìsì àti ti Áfíríkà pọ̀, kí ó sì fi ọ̀kan wé èkejì. Wọ́n tún ní ìgbà tí wọ́n kó àwọn ohun náà yàtọ̀ sí tiwa, a kò gbọdọ̀ fi òfin òní dá ẹjọ́ àná. Òótọ́ kan wà níbẹ̀: bí àwọn ayàwòrán Yúróòpù ṣe rí ère Áfíríkà ní Párísì yí iṣẹ́ ọnà ayé padà. Ṣùgbọ́n ibi tí gbogbo ayé ti lè rí i, ṣé ọmọ Bẹ̀nẹ̀ lè débẹ̀? Owó ọkọ̀ òfuurufú àti ìwé ìrìnnà ni ó wà lẹ́nu ọ̀nà ilé gbogbo ayé yẹn. Ní ti òfin òní àti ti àná, kò sí ìgbà kan rí tí ẹni tí wọ́n kó ilé rẹ̀ gbà pé ó tọ́. Òfin ẹni tí ó ṣẹ́gun nìkan ni a ń pè ní òfin àná.

Ẹjọ́ àwọn ọmọ onílẹ̀

Àwọn ọmọ onílẹ̀ náà ní ọ̀rọ̀ méjì tí mo fẹ́ gbé yẹ̀ wò. Èkíní ni pé àwọn ọ̀dọ́ wa ń dàgbà láìrí ohun tí àwọn baba ńlá wọn ṣe. Ẹ̀rí ti wà pé wọ́n fẹ́ rí i. Nígbà tí Quai Branly yá ilé iṣẹ́ Zinsou ní Kútọnù ní àwọn ohun Gbẹ̀hánzìn fún oṣù díẹ̀, láti ìparí ọdún 2006 sí ìbẹ̀rẹ̀ 2007, àwọn tí ó wá wò ó ju 200,000 lọ. Nígbà tí a pàtẹ àwọn 26 ní ààfin Ààrẹ ní ọdún 2022, ju 200,000 ni ó tún wá. Àwọn tí ń sọ pé Áfíríkà kò ní àwọn tí yóò wo ohun ìṣẹ̀ǹbáyé kò ní ẹsẹ̀ tí wọn yóò fi dúró mọ́.

Èkejì ni pé ohun tí a ń pè ní iṣẹ́ ọnà ní Párísì kì í ṣe iṣẹ́ ọnà nìkan nílé. Ẹ wo ère Gù, ẹni tí àwa ń pè ní Ògún. Irin ni wọ́n fi ṣe é, ó dúró gangan bí ọkùnrin, irinṣẹ́ àti ohun ìjà sì kún orí adé rẹ̀. Ọ̀gágun Faransé kan tí ń jẹ́ Fonssagrives ni ó kó o ní Wídà, ó sì fi í ta Trocadéro lọ́rẹ ní ọdún 1894. Láti ọdún 2000 ni wọ́n ti gbé e kalẹ̀ nínú ilé ìṣẹ̀ǹbáyé Lúúfù. Kò sí lára àwọn 26. Ẹ̀bùn Dodds ni òfin 2020 dárúkọ. Ọwọ́ ọ̀gágun mìíràn ni Gù gbà lọ, òfin náà kò sì kàn án. Ní ọjọ́ ìfilénilọ́wọ́ ní Párísì, Ààrẹ Talon sọ ọ́ gbangba pé ayọ̀ òun kò lè pé nígbà tí Gù àti ọpọ́n Ifá Guèdègbé, babaláwo Gbẹ̀hánzìn, kò tíì padà. Ẹni tí ó mọ ohun tí ọpọ́n Ifá jẹ́ mọ ìdí. Nínú àpótí dígí, igi tí a gbẹ́ dáadáa ni. Lọ́wọ́ babaláwo, ojú ọpọ́n ni a ti ń wá ọ̀rọ̀.

Nínú ọ̀rọ̀ yìí, ẹjọ́ ọmọ onílẹ̀ borí. Ṣùgbọ́n ó ku apá tí ó le jù.

Ta ni ọmọ onílẹ̀?

Ère Gù tí mo sọ yìí, ta ni ó rọ ọ́? Akati Ekplékendo ni orúkọ alágbẹ̀dẹ tí ìtàn so mọ́ ọn. Ìtàn náà ní ará Dúmè ni, ní agbègbè Sàvàlú, àti pé ogun ni ó kó o dé Àgbómẹ̀, níbi tí ó ti ń ṣiṣẹ́ fún Ọba Glẹ̀lẹ̀. Dúmè kò jìnnà sí ọ̀dọ̀ wa, àwọn Ìfẹ̀ tí èdè wọn bá tiwa tan sì ń gbé níbẹ̀. Bí Lúúfù bá dá Gù padà lọ́la, Àgbómẹ̀ yóò sọ pé ère ọba wa ni, Wídà yóò sọ pé ọ̀dọ̀ wa ni wọ́n ti kó o, Dúmè náà yóò sì lè sọ pé ọwọ́ ọmọ wa ni ó ṣe é, nígbà tí ó wà lóko ẹrú. Kò sí ẹni tí ó purọ́ nínú àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta.

Ẹ tún wo ọ̀kan nínú àwọn ìjókòó ọba tí ó padà wá, èyí tí a ń da orúkọ Kánà pọ̀ mọ́. Apá òkè rẹ̀ fi ọba hàn lábẹ́ agboòrùn pẹ̀lú àwọn ará ilé rẹ̀. Apá ìsàlẹ̀ rẹ̀ fi àwọn ẹrú hàn ní ìlà, tí a so pọ̀ ní ọrùn. Ẹni tí ó gbẹ́ ẹ kò fi nǹkan pa mọ́: àwọn tí ó wà nísàlẹ̀ ni wọ́n gbé èyí tí ó wà lókè ró. Ọmọ Àgbómẹ̀ tí ó bá dúró níwájú rẹ̀ yóò kọ́kọ́ wo òkè. Ọmọ Nàgó lè kọ́kọ́ wo ìsàlẹ̀. Ohun kan náà ni àwọn méjèèjì ń wò, ìtàn tí wọ́n ń kà kì í ṣe ọ̀kan.

Àríyànjiyàn yìí kò mọ sí ọ̀dọ̀ wa. Ní oṣù Kẹwàá ọdún 2022, Ilé Iṣẹ́ Smithsonian ní Amẹ́ríkà dá 29 nínú àwọn idẹ ààfin Ẹdó, tí àwọn ọmọ ogun Gẹ̀ẹ́sì kó ní ọdún 1897, padà fún Nàìjíríà. Ẹgbẹ́ àwọn ọmọ ẹrú kan ní Amẹ́ríkà lọ sí ilé ẹjọ́ láti dá a dúró. Wọ́n ní wọ́n yọ́ ẹ̀gbà idẹ tí àwọn Potogí fi ra àwọn baba ńlá àwọn láti fi rọ díẹ̀ nínú àwọn ohun náà, nítorí náà àwọn ní ìpín níbẹ̀. Ilé ẹjọ́ kò dá a dúró. Nígbà tí ó di oṣù Kẹta ọdún 2023, ìjọba Nàìjíríà kéde pé Ọba Ẹdó ni ó ni gbogbo ohun tí a bá dá padà láti ààfin rẹ̀, kíá ni Yunifásítì Kémúbíríìjì sì sún ọjọ́ tí òun fẹ́ fi tòun lélẹ̀ síwájú. Àwọn kan nínú àwọn ilé ìṣẹ̀ǹbáyé mú èyí gẹ́gẹ́ bí ẹ̀rí pé bí àwọn onílẹ̀ kò bá mọ ẹni tí ó ni nǹkan, kí nǹkan wà níbi tí ó wà.

N kò gba èyí. Bí àwọn ọmọ bàbá kan bá ń jà sí ogún, kì í ṣe ẹni tí ó jí ogún náà ni yóò dá ẹjọ́ wọn, bẹ́ẹ̀ ni ìjà wọn kò sọ ọ́ di olówó ẹrù. Kí ó kó ẹrù wálé, kí àwọn ọmọ bàbá jókòó sọ ọ́. Ṣùgbọ́n àwa náà kò gbọdọ̀ fi ayọ̀ ìpadàbọ̀ bo ọ̀rọ̀ ìpín mọ́lẹ̀. Lójú òfin, Faransé kò dá àwọn 26 padà fún ìdílé ọba Àgbómẹ̀. Orílẹ̀-èdè Bẹ̀nẹ̀ ni ó dá wọn padà fún. Mo rò pé ó tọ́ bẹ́ẹ̀, kì í sì í ṣe nítorí pé ìjọba mọ nǹkan tọ́jú ju ìdílé lọ. Ìdí tí mo fi gbà á ni pé orílẹ̀-èdè nìkan ni orúkọ tí ó gba ọmọ ẹni tí ó kó ẹrú àti ọmọ ẹni tí a kó lẹ́rú sábẹ́ òrùlé kan. Bí ó bá jẹ́ ti ìdílé ọba nìkan, ọmọ Kétu àti ọmọ Manígirì yóò wà níbẹ̀ bí àlejò tí ń wo ọrọ̀ ẹlòmíràn. Bí ó bá jẹ́ ti orílẹ̀-èdè, wọ́n lẹ́tọ̀ọ́ láti béèrè ohun tí a óò kọ sí ara ògiri.

Ohun tí a óò kọ sí ara ògiri náà ni mo kà sí ọkàn ọ̀rọ̀ yìí. Ìjọba ń kọ́ ilé ìṣẹ̀ǹbáyé kan sí Àgbómẹ̀, tí orúkọ rẹ̀ fi hàn pé ìtàn akin àwọn ọba Dàhómì àti ti àwọn obìnrin ológun wọn ni yóò sọ. Ó dára kí a sọ bí wọ́n ṣe kọjú ìjà sí Faransé, nítorí pé wọ́n jà tọkàntọkàn. Ṣùgbọ́n àwọn obìnrin ológun kan náà ni Abẹ́òkúta rí ní ẹnu odi rẹ̀ ní ọdún 1851. Bí ilé náà bá sọ ti àkọ́kọ́ tí ó sì gbé èkejì mì, a jẹ́ pé a ti gba ohun ìṣúra lọ́wọ́ ẹni tí ó fi wọ́n sọ ìtàn apá kan, a sì fi wọ́n fún ẹni tí ó tún ń sọ ìtàn apá kan. Ẹ jẹ́ kí a kọ ọ́ sí abẹ́ ìjókòó Kánà pé ẹrú ni àwọn tí ó wà nísàlẹ̀, kí a sì dárúkọ àwọn ìlú tí ogun náà dé. Ẹ jẹ́ kí a kọ orúkọ Dúmè sí abẹ́ Gù ní ọjọ́ tí ó bá dé.

Ohun tí ó kù fún wa ní Bàsílà àti Manígirì

Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tí ó ka àpilẹ̀kọ yìí lè rò pé ọ̀rọ̀ ààfin ńlá ni, kò kan ìlú kéékèèké. Ẹ wo ìjókòó kékeré ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta kan tí a ń pè ní katakulẹ́. Ogun Dàhómì kan náà ni ó gbé e lọ sí Faransé, ṣùgbọ́n nígbà tí a ń ka ohun tí ó wà ní Párísì, kò sí níbẹ̀ mọ́. Ilé ìṣẹ̀ǹbáyé Párísì ti fi í ṣe pàṣípààrọ̀ pẹ̀lú ti ilẹ̀ Fínlándì ní ọdún 1939. Ní oṣù Karùn-ún ọdún 2025 ni Fínlándì tó dá a padà sí Kútọnù. Ohun tí ó gbà á là ni pé wọ́n kọ pàṣípààrọ̀ náà sílẹ̀, ẹnìkan sì rí i kà. Ohun tí kò sí nínú ìwé ẹnikẹ́ni kò ní ẹni tí yóò béèrè rẹ̀.

Kì í ṣe ogun nìkan ni ohun ìṣẹ̀ǹbáyé fi ń kúrò nílé. Ọmọ tí ó nílò owó ilé ìwé lè ta ère bàbá rẹ̀ fún oníṣòwò tí ó gba ọ̀nà Párákú kọjá, nígbà tí ilé bá sì wó, wọ́n lè kó ilẹ̀kùn gbígbẹ́ lọ pẹ̀lú igi ìdáná. Lẹ́yìn ogún ọdún, ohun náà á yọjú nínú gbọ̀ngàn ìtajà kan ní Bùrúsẹ́ẹ̀lì pẹ̀lú ọ̀rọ̀ kúkúrú lábẹ́ rẹ̀: Yorùbá tàbí Nàgó, Bẹ̀nẹ̀. Ìlú kò sí níbẹ̀, ìdílé kò sí níbẹ̀, ọdún kò sí níbẹ̀. Ní ọjọ́ yẹn, kò sí òfin kan ní ayé tí yóò lè dá a padà fún wa, nítorí pé a kò ní lè fi hàn pé ó ti wà lọ́wọ́ wa rí.

Iṣẹ́ tí ó yẹ kí ẹgbẹ́ wa gbé lọ́wọ́ kò nílò owó púpọ̀. Kí ọmọ ilé kọ̀ọ̀kan gba àṣẹ lọ́wọ́ àwọn àgbà ilé rẹ̀, yálà Nàgó ni tàbí Anii, kí ó sì kọ ohun tí ó wà nílé sílẹ̀: orúkọ ohun náà ní èdè ilé, ohun tí a fi ṣe é, bí ó ṣe ga tó ní sẹ̀ǹtímítà, àpá tàbí ibi tí ó sán lára rẹ̀ tí a lè fi dá a mọ̀, ẹni tí ó ṣe é bí a bá mọ̀ ọ́n, àti ìgbà tí a ń lò ó. Kí ó ya àwòrán rẹ̀ níwájú, lẹ́yìn àti lẹ́gbẹ̀ẹ́, bí àwọn àgbà bá gbà. Bí ó bá jẹ́ ohun awo tí ojú ọ̀gbẹ̀rì kò gbọdọ̀ rí, kí ó kọ pé ó wà, kí ó má ya á. Kí ẹ̀dà kan wà nílé, kí ọ̀kan wà lọ́wọ́ ẹgbẹ́, ní èdè wa àti ní èdè Faransé, nítorí pé èdè Faransé ni adájọ́ àti ọlọ́pàá ẹnu ibodè yóò kà.

Dodds ní ìwé tí ó fi hàn pé òun fúnni ní ẹ̀bùn. Trocadéro ní ìwé tí ó fi hàn pé òun gbà á. Àgbómẹ̀ ní ìtàn ọba rẹ̀ tí gbogbo ayé mọ̀, òun ni ó sì gbà á là. Ìlú tí kò ní ọba tí òkìkí rẹ̀ dé Párísì ní láti kọ tirẹ̀ sílẹ̀ fúnra rẹ̀, kí àwọn tí ó mọ orúkọ ohun náà tó lọ.